Mẹ́séèjì 412 nínú ìlà òkú

Ó tó ọdún mẹ́rin tí mo fi tọ́jú ètò kan tó ń fún àwọn òbí ní rìsíìtì owó ilé-ìwé, ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Ìbàdàn. Òbí á fi tíránsífà san owó, báńkì á fi tó wa létí, a ó sì kọ mẹ́séèjì kan sínú ìlà pé ẹni báyìí san iye báyìí fún ọmọ báyìí. Ètò kan wà ní ìdí ìlà náà tó ń mú mẹ́séèjì lọ́kọ̀ọ̀kan. Á bi báńkì bóyá owó náà wọlé lóòótọ́, á kọ ọ́ sí àkáǹtì ọmọ náà nínú dátábéèsì, á wá fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí òbí nípa ímeèlì. Ìgbà tó bá parí gbogbo rẹ̀ ló tó ń pa mẹ́séèjì náà rẹ́.

Amazon SQS ni ìlà tí à ń lò. Bí ètò bá mú mẹ́séèjì níbẹ̀, mẹ́séèjì náà kò tíì kúrò. Ìlà kàn bò ó mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ètò mìíràn má baà mú un. Àkókò ìbòmọ́lẹ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní `VisibilityTimeout`, ìṣẹ́jú-àáyá 30 ni bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà. Bí àkókò náà bá pé tí ètò kò tíì pa mẹ́séèjì rẹ́, ìlà á gbà pé iṣẹ́ náà kò yọrí, mẹ́séèjì á sì tún jáde síta. Ìlà ń ka iye ìgbà tí wọ́n ti mú un. Bó bá ti kọjá òǹkà tí a fi lélẹ̀, ìlà á gbé e lọ sí ìlà mìíràn tí a yà sọ́tọ̀ fún irú rẹ̀. Bí a ṣe kọ tiwa nìyí:

```json
{
  "deadLetterTargetArn": "arn:aws:sqs:eu-west-1:111122223333:risiti-dlq",
  "maxReceiveCount": "5"
}
```

Ọ̀dọ̀ àwọn ilé ìfìwéránṣẹ́ ni orúkọ ìlà kejì yìí ti wá. Lẹ́tà tí wọn kò rí ẹni tó ni ín, tí wọn kò sì mọ ibi tí wọn ó dá a padà sí, lẹ́tà òkú ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ní iyàrá tí wọ́n ń kó o sí, níbi tí ẹnìkan á jókòó tì í láti wá olówó rẹ̀. Àwa náà ń pe tiwa ní ìlà òkú. Fún ọdún kan àti ààbọ̀ àkọ́kọ́, a ní iyàrá náà, ṣùgbọ́n a kò ní ẹni tó ń jókòó síbẹ̀.

Ọdún Àjíǹde ló là wá lójú. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Ọjọ́ Ẹtì Rere, a gbé kóòdù tuntun jáde, èyí tó yí orúkọ ibi tí iye owó wà padà láti `amount` sí `amount_kobo`. Ẹ̀gbẹ́ kan tí ń kọ mẹ́séèjì kò tíì yí tirẹ̀ padà. Láàárín wákàtí méjì, mẹ́séèjì 96 ni ètò kò lè kà. A rí àṣìṣe náà, a yọ kóòdù náà kúrò, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ déédéé, oníkálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ fún ìsinmi. Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí àwọn 96 náà wọlé sí.

Nígbà tí a padà dé ní àárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn ilé-ìwé ti ń pè. Mo ṣí ìlà òkú, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Èrò mi àkọ́kọ́ ni pé mẹ́séèjì kankan kò débẹ̀ rárá. Ìgbà tí mo wo àwòrán iye mẹ́séèjì láti Ọjọ́bọ̀ ni mo rí i: ìlà náà gòkè dé 96 ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó dúró gbọnin bẹ́ẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ajé, ó wá ṣubú sí òdo. Ọjọ́ 4 ni SQS máa ń tọ́jú mẹ́séèjì bí a kò bá sọ fún un pé kó ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, a kò sì sọ fún un. Ọjọ́ 4 náà pé nígbà tí gbogbo wa wà nílé.

Nǹkan kan wà nínú òfin ọjọ́ yìí tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń lo irú ìlà yìí mọ̀. Nínú ìlà SQS lásán, ìyẹn èyí tí kì í ṣe `FIFO`, kì í ṣe ọjọ́ tí mẹ́séèjì wọ ìlà òkú ni kíkà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi í sínú ìlà gidi ni. Bí mẹ́séèjì bá ti lo ọjọ́ 1 nínú ìlà gidi kó tó kú, tí ìlà òkú sì ń tọ́jú fún ọjọ́ 4, ọjọ́ 3 péré ló kù fún yín láti rí i. Nítorí náà, iye ọjọ́ ìlà òkú gbọ́dọ̀ gùn ju ti ìlà gidi lọ dáadáa. A gbé tiwa sí ọjọ́ 14, òun sì ni ibi tí SQS parí sí, a fi ìlà gidi sílẹ̀ ní ọjọ́ 4.

Àǹtí tó ń bójú tó ìṣirò owó wa ló gbà wá lọ́wọ́ ìtìjú. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi to àkọsílẹ̀ báńkì sí ẹ̀gbẹ́ àkáǹtì àwọn ọmọ, tí wọ́n ń wá owó tó wọlé tí kò ní rìsíìtì. Wọ́n rí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì wọn, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, owó tó wọlé ọ̀dọ̀ wa tó wá nù, ta ló yẹ kó mọ̀ kí àwọn òbí tó mọ̀?" Mo ní, "Ẹ má bínú, Àǹtí, èmi ni." Láti ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ ìlà òkú ti di tèmi.

Ohun tí mo kọ́kọ́ wádìí ni álààmù. A ní álààmù lórí ìlà òkú, kò sì dún. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo rí i pé `NumberOfMessagesSent` ni a so ó mọ́, ìyẹn iye mẹ́séèjì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sínú ìlà náà. Èyí tí ẹ̀yin fúnra yín bá fi ọwọ́ ránṣẹ́ sínú ìlà òkú nìkan ni òǹkà yìí ń kà. Èyí tí SQS gbé wá síbẹ̀ nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ kò yọrí, kò kà á rárá. Álààmù wa kò lè dún láéláé. `ApproximateNumberOfMessagesVisible` ló yẹ kí a so ó mọ́, ìyẹn iye tó wà nínú ìlà lọ́wọ́lọ́wọ́. A yí i padà pé bó bá ti ju òdo lọ, kó dún. Mo fi ọwọ́ mi ba mẹ́séèjì kan jẹ́, mo jẹ́ kó kú lẹ́ẹ̀marùn-ún, mo sì dúró títí álààmù fi dún lórí fóònù mi kí n tó gbà pé ó ń ṣiṣẹ́.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ 412 ṣẹlẹ̀. Ní alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì kan, láti nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, báńkì tí à ń bi léèrè kò dáhùn mọ́. Álààmù dún ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Bọ̀dá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà wò ó, ó rí i pé ti báńkì ni, ó rántí pé ọjọ́ 14 ni a ní, ó sì pinnu láti fi í sílẹ̀ di Ọjọ́ Ajé. Èmi náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Báńkì bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn padà ní nǹkan bí aago kan òru.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, mẹ́séèjì 412 ló wà nínú ìlà òkú. Bọ̀dá ti fẹ́ dá gbogbo rẹ̀ padà sínú ìlà gidi, nítorí pé àṣẹ kan ṣoṣo ló gbà:

```
aws sqs start-message-move-task \
  --source-arn arn:aws:sqs:eu-west-1:111122223333:risiti-dlq
```

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù. Àṣẹ yìí kì í ṣà. Gbogbo ohun tó bá wà nínú ìlà òkú ló ń kó, kò sì sí bí ẹ ṣe lè sọ fún un pé kó mú èyí kó fi tọ̀hún sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, mẹ́séèjì tó bá gbà á kọjá di tuntun, nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ á yí padà. Bí a kò bá sì kọ nọ́ńbà àtijọ́ sílẹ̀, a kò ní lè so ó mọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i tẹ́lẹ̀.

Nọ́ńbà yẹn ṣe kókó, nítorí pé SQS kì í kọ ohun tó pa mẹ́séèjì sára rẹ̀. Nínú `RabbitMQ`, ètò ìlà mìíràn, mẹ́séèjì tó kú ń gbé àkọlé kan tó ń jẹ́ `x-death` dání, tó ń sọ ìlà tó ti wá àti ìdí tí wọ́n fi gbé e. Ti SQS, òkú tí kò lè sọ̀rọ̀ ni. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni pé kí ètò yín máa kọ `MessageId` sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ nígbàkúùgbà tó bá kùnà, kí ẹ wá fi nọ́ńbà náà wá a. Ẹ ṣọ́ra kí àkọsílẹ̀ náà má parẹ́ ṣáájú mẹ́séèjì. Ọjọ́ 30 ni tiwa.

A kò fi ojú-ìwé ìṣàkóso orí bíráúsà wò wọ́n. Wíwò níbẹ̀ náà ń bo mẹ́séèjì mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, débi pé bí ènìyàn méjì bá jọ ń wò ó, ohun tí kálukú ń rí á yàtọ̀, tí wọn á sì máa jiyàn lórí iye tó wà níbẹ̀. Kóòdù díẹ̀ ni mo kọ, tó ń mú mẹ́wàá-mẹ́wàá (SQS kì í fúnni ju 10 lọ lẹ́ẹ̀kan), tó ń bò wọ́n mọ́lẹ̀ fún wákàtí kan, tó ń kọ wọ́n sínú fáìlì, tí kò sì pa nǹkan kan rẹ́:

```python
r = sqs.receive_message(QueueUrl=dlq, MaxNumberOfMessages=10,
        VisibilityTimeout=3600,
        MessageSystemAttributeNames=["SentTimestamp"])
for m in r.get("Messages", []):
    print(m["MessageId"], m["Attributes"]["SentTimestamp"], m["Body"])
```

Mo to fáìlì náà gẹ́gẹ́ bí wákàtí tí wọ́n fi mẹ́séèjì ránṣẹ́, mo sì so nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan mọ́ àṣìṣe tó kẹ́yìn nínú àkọsílẹ̀. Òkìtì mẹ́ta ló jáde. 371 kú láàárín aago mẹ́sàn-án alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì sí aago kan òru, nítorí báńkì. 38 kú ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta àti Ọjọ́ Àìkú, nígbà tí báńkì ti ń dáhùn dáadáa. 3 sì wà tí àkọsílẹ̀ kò fi àṣìṣe kankan hàn lórí wọn.

Ẹ wo àwọn 38 yẹn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé wọ́n wà. Álààmù ti dún ní alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, ìlà kò sì padà sí òdo láti ìgbà náà, nítorí náà kò tún dún mọ́. Ìgbà tí nǹkan bá yí padà láti dáadáa sí burúkú ló ń kígbe. Bí burúkú mìíràn bá gun orí èyí tó wà níbẹ̀, ó dákẹ́ ni. Òkìtì báńkì ló bo àìsàn kejì mọ́lẹ̀.

Àìsàn kejì náà rèé, bí dátábéèsì ṣe kọ ọ́:

```
Incorrect string value: '\xE1\xB9\xA2\xE1\xBB\x8D...'
for column 'payer_name' at row 1
```

`E1 B9 A2` ni bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kọ Ṣ, `E1 BB 8D` sì ni ọ. Orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ṣọ ni, bíi Ṣọlá. Ilé-ìwé tuntun kan ló wọlé sọ́dọ̀ wa ní ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n sì kọ orúkọ àwọn òbí bó ṣe yẹ kí a kọ ọ́, pẹ̀lú àmì lókè àti nísàlẹ̀. Tábìlì rìsíìtì wa ti pẹ́, `latin1`, ìlànà kan tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà, ni wọ́n fi dá a sílẹ̀ nígbà tí ìyẹn ṣì ni MySQL ń lò bí a kò bá yan òmíràn. Láti MySQL 8.0 tó jáde ní 2018 ni `utf8mb4` ti gba ipò náà, ṣùgbọ́n gbígbé dátábéèsì lọ sí 8.0 kì í yí àwọn tábìlì àtijọ́ padà. `latin1` mọ á, kò mọ ọ. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Yorùbá tí a kò mọ̀, torí pé àwọn ilé-ìwé yòókù ń kọ orúkọ láìfi àmì sí i. Ó dùn mí gan-an. Orúkọ tiwa gan-an ni ètò tiwa kọ̀.

Bí a bá ti dá gbogbo 412 padà lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn 38 yìí ì bá tún kú lẹ́ẹ̀marùn-ún, wọn ì bá sì padà síbi tí wọ́n wà. Àṣẹ kan ló tún wọn ṣe, lẹ́yìn tí a ti dán an wò lórí ẹ̀dà dátábéèsì:

```sql
ALTER TABLE receipts CONVERT TO CHARACTER SET utf8mb4;
```

Àwọn 3 tó kù ni wọ́n gbà mí lákòókò jù. Ètò wa sọ pé òun ti ṣe wọ́n tán, owó wà ní àkáǹtì, rìsíìtì ti lọ. Kí ló dé tí wọ́n fi wà láàárín òkú? Ìyá kan ló là á yé mi. Wọ́n ti pe ọ́fíìsì ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ohùn wọn ń gbọ̀n: "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi, rìsíìtì márùn-ún ni mo rí gbà. Ṣé ẹ̀ẹ̀marùn-ún lẹ yọ owó mi ni?" Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n sanwó fún lẹ́ẹ̀kan náà. Kíkọ rìsíìtì mẹ́fà sínú ìwé kan gba ètò wa ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 40, ìlà sì fún un ní 30. Ní 30, mẹ́séèjì náà tún jáde, ètò kejì mú un. Ní 40, ètò àkọ́kọ́ parí, ó ní kí ìlà pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n àmì àṣẹ tí ìlà ń fún ẹni tó bá mú mẹ́séèjì, `ReceiptHandle`, ti yí padà nígbà tí ẹnìkejì mú un. Ìlà dá ètò àkọ́kọ́ lóhùn pé ó dára, kò sì pa mẹ́séèjì rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà yọrí lẹ́ẹ̀marùn-ún, tí ìlà sì kà á sí ìkùnà márùn-ún. Owó fúnra rẹ̀ kò wọ àkáǹtì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí pé nọ́ńbà tíránsífà kò lè wọ tábìlì owó lẹ́ẹ̀mejì. Ímeèlì ni kò ní irú ìdènà bẹ́ẹ̀. Mo pe ìyá náà padà, mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà, ẹ̀ẹ̀kan péré lowó yín jáde," mo sì tọrọ àforíjì. Àwọn 3 yẹn, pípa la pa wọ́n rẹ́. Kò sí iṣẹ́ kankan tó kù nínú wọn.

Ó wá ku 371. Mo wá nọ́ńbà tíránsífà kọ̀ọ̀kan nínú tábìlì owó kí n tó dá ẹnikẹ́ni padà. 29 ti wà níbẹ̀: báńkì ti dá ètò wa lóhùn, owó ti wọlé, ohun tó tẹ̀lé e ni kò yọrí. Ìdènà tó wà ní tábìlì owó ni yóò jẹ́ kí àwọn 29 yìí kọjá láìṣe ìpalára. Mo dá mẹ́wàá péré padà lákọ̀ọ́kọ́, mo wò wọ́n títí rìsíìtì fi jáde, mo tó wá kó ìyókù, 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan kí a má baà tún da báńkì rú. Kóòdù tí mo kọ fún un ń fi mẹ́séèjì ránṣẹ́ sínú ìlà gidi ná, ó ń gba ìdáhùn pé ó ti dé, kó tó pa èyí tó wà nínú ìlà òkú rẹ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pa á rẹ́, tí iná lọ láàárín méjèèjì, ti sọ ọ́ nù.

Mo bi ara mi léèrè lẹ́yìn náà ìdí tí báńkì tó sinmi fún wákàtí mẹ́rin fi pa mẹ́séèjì 371. Ìgbìyànjú márùn-ún, ìṣẹ́jú-àáyá 30 láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan: gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ lọ. A rò pé a fún wọn ní ànfààní márùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan náà ni, tí a pín sí márùn-ún. Ní báyìí, bí báńkì kò bá dáhùn, ètò wa fúnra rẹ̀ ń lo `ChangeMessageVisibility` láti sọ pé kí mẹ́séèjì dúró: ìṣẹ́jú 1, ìṣẹ́jú 10, wákàtí 1, wákàtí 4. Wákàtí 12 ni SQS gbà kó gùn mọ. Mẹ́séèjì tí kò ṣeé kà rárá, a kì í fi ìyẹn falẹ̀, torí pé kò sí dídúró tó lè wò ó sàn. Ètò ń gbé e lọ sí ìlà òkú lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ìdí tó kọ sára rẹ̀. `VisibilityTimeout` sì ti di ìṣẹ́jú 4.

Álààmù náà ti di méjì. Èkejì ń wo bóyá iye inú ìlà òkú tún ga sí i láti wákàtí tó kọjá, kí òkìtì kan má baà bo òmíràn mọ́ wa lójú.

Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ojoojúmọ́, ẹni tó bá kàn ń ṣí ìlà òkú, ó ń kọ nọ́ńbà, ìdí, àti ohun tó ṣe sínú ìwé kan tí gbogbo wa ń rí, Àǹtí ìṣirò owó pẹ̀lú. Ẹni tó bá fẹ́ pa mẹ́séèjì rẹ́ gbọ́dọ̀ rí ẹlòmíràn tó kà á tó sì fọwọ́ sí i. A kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ `PurgeQueue` mọ́, èyí tó ń gbá gbogbo ìlà dànù láìṣeé dá padà. Lánàá, ọ̀kan péré ló wà níbẹ̀: òbí kan sanwó fún ọmọ tí ilé-ìwé ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò torí pé wọ́n kó lọ sí ìlú mìíràn. Kò sí ìlà tí a lè dá ìyẹn padà sí. Àǹtí pe bàbá náà, wọ́n gba nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀, owó ń padà lọ lónìí.